Oníṣirò owó tó dákẹ́ láàárín ètò ìgbanisíṣẹ́: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Ìbàdàn

Ilé iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Olúyọ̀lé, Ìbàdàn, ló gbé iṣẹ́ yìí fún wa ní oṣù kìíní ọdún 2024. Oníṣirò owó àgbà ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá mọ ìdí òwò oúnjẹ ẹran ọ̀sìn yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà láwìn ni ìṣirò ti máa ń dojú rú: àgbẹ̀ á kó oúnjẹ lọ lónìí, á ní òun á san tí ẹyin bá ti tà, kí ẹyin sì tó tà, àgbàdo àti sóyà ti gbówó lórí. Alhaji tó ni ilé iṣẹ́ náà fẹ́ ẹni tó lè tọ ipasẹ̀ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ láìbá oníbàárà jà. Ó ti là á sílẹ̀ pé owó oṣù náà yóò wà láàárín ₦350,000 sí ₦400,000. Iṣẹ́ tiwa ni ká wá èèyàn, ká yẹ̀ wọ́n wò, ká sì kó orúkọ mẹ́ta síwájú rẹ̀ kó fúnra rẹ̀ mú ọ̀kan.

Obìnrin kan wà nínú àwọn mẹ́ta náà tí ọkàn mi fà sí jù. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, l'Ékòó, ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá sílé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló sì máa ń padà, nítorí náà ìdí tó fi fẹ́ iṣẹ́ yìí kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. A fún un ní ìdánwò: ìwé báǹkì oṣù kan àti ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ fún oṣù kan náà, kó wá ibi tí àwọn méjèèjì kò ti bára mu. Ó rí gbogbo rẹ̀, títí kan ṣẹ́ẹ̀kì kan tí a mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kejì, a bá a sọ̀rọ̀ lórí Zoom. Ara rẹ̀ yá gágá, òun gan-an ló bi wá léèrè ìgbà tí ìgbésẹ̀ tó kàn máa wáyé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, 23, ímeèlì jáde láti ọ́fíìsì wa sí i. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Kó mú ọjọ́ tó lè wá sí Olúyọ̀lé láti rí Alhaji lójúkojú. Kó fi ìwé owó oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ránṣẹ́. Kó sì fi fọ́ọ̀mù onídùúró méjì ránṣẹ́, tí wọ́n ti kún, tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni a ní kí gbogbo rẹ̀ dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, kò sóhun tó dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè é ní Ọjọ́rú, ó tún pè é ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán gangan ni nígbà méjèèjì, kò gbé e. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kúkúrú sílẹ̀ lórí Wasáàpù pé kó jọ̀ọ́ pè wá padà. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù kẹta, àmì méjì tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ti di búlúù. Ó ti kà á. Kò sì fèsì.

Alhaji ti sọ tirẹ̀ lórí fóònù: "Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Tó bá fẹ́ iṣẹ́, ṣebí á ti dé." Ó ní ká fi í sílẹ̀, ká mú ẹlòmíràn.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i, ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe máa ń wo irú ìdákẹ́jẹ́ báyìí, torí pé oríṣiríṣi ni. Àmì ẹyọ kan lórí Wasáàpù túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé orí fóònù onítọ̀hún. Ó lè jẹ́ pé fóònù ti kú, pé dátà ti tán, pé ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà, tàbí pé ó ti dí ọ̀nà mọ́ wa. Bí ó bá ti pẹ́ tó rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni kí èèyàn gbà, torí kò tíì sí ẹni tó gbọ́ ohun tó sọ. Àmì méjì aláwọ̀ eérú túmọ̀ sí pé ó ti dé, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kò kà á, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ti pa búlúù yẹn. Àmì búlúù nìkan ló dájú pé wọ́n ti ṣí i. Tiwa ti wà ní búlúù, nítorí náà a lè yọ fóònù tó sọ nù, àìsàn tó gbé ni dè, àti ímeèlì tó bọ́ sínú pàǹtírí kúrò nínú ohun tí a ń rò. Ó mọ̀ pé à ń wá òun. Ohun kan ló ń dí i lọ́wọ́ láti dáhùn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé báyìí, ìwé tí a kọ kẹ́yìn sí onítọ̀hún ni mo máa ń padà lọ kà, kí n wo ohun tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ lẹ́yìn ìdánwò lè jẹ́ pé ìdánwò ló le jù fún un. Ẹni tó dákẹ́ lẹ́yìn tí a dárúkọ owó, owó ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Obìnrin yìí ń yọ̀ lórí Zoom ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dákẹ́ lẹ́yìn ímeèlì ọjọ́ Ẹtì. Ìwé owó oṣù àti onídùúró ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí fọ́ọ̀mù onídùúró jẹ́ fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń gba ẹni tí owó yóò máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá sábà máa ń fẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ipò rẹ̀ ga díẹ̀, tàbí ọ̀gá ní báǹkì, tàbí ẹni tó ní ilé tirẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Kí o tó lè bẹ̀ ẹ́, o ní láti sọ fún un pé o fẹ́ kúrò níbi iṣẹ́ rẹ, a kò sì tíì fún ọ níṣẹ́ kankan. Bí o kò bá wá rí iṣẹ́ náà gbà ńkọ́? O ti tú àṣírí ara rẹ, o sì ti ná ojú rere àgbàlagbà kan tí o kò ní lè tètè padà lọ bá. Kí a tún wá fi ìwé owó oṣù kún un, ká sì ránti pé ayé gbájúẹ̀ la wà yìí, níbi tí àwọn kan ti ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti fi lu èèyàn ní jìbìtì.

Nǹkan kejì tó wà níwájú mi ni kàlẹ́ńdà. Ìparí oṣù ni ọjọ́ tí a ń pè é, oníṣirò owó sì ni. Owó orí tí ilé iṣẹ́ yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìṣirò oṣù tó parí gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì ọ̀gá. Oníṣirò owó tó ń gbé ìpè lọ́sàn-án gangan ọjọ́ 29 oṣù kejì ni ká máa fura sí.

Ní ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn kọ ọ̀rọ̀ kan, ó ní kí n bá òun wò ó kí òun tó fi ránṣẹ́. Báyìí ló ṣe kà:

"Ẹ káàárọ̀ mà. A ti pè yín lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ kò gbé e. A rí i pé ẹ ti ka ọ̀rọ̀ wa lórí Wasáàpù. Inú Alhaji kò dùn, ẹlòmíràn sì ti ṣe tán láti gba iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá ṣì nífẹ̀ẹ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìwé owó oṣù àti fọ́ọ̀mù onídùúró ránṣẹ́ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní tó lù. Ìgbà ìkẹyìn tí a máa kọ̀wé sí yín nìyí."

Kò bú u, ó ní "mà", ó ní "ẹ jọ̀ọ́". Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló máa fi èyí ránṣẹ́ láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ ẹjọ́ ni wọ́n ń kà fún un: a pè, o kò gbé e, o kà á, o kò fèsì. Ẹni tí wọ́n bá ti ka ẹjọ́ fún, àwáwí ló máa kọ́kọ́ wá. Tí kò bá rí àwáwí tó bójú mu, yóò tún dákẹ́ sí i ni, torí ojú ti ń tì í. Ìtìjú yìí tóbi ju bí àwa tó ń wá òṣìṣẹ́ ṣe rò lọ. Ẹni tó ti jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kò ní lè fèsì láìkọ́kọ́ tọrọ àforíjì, bí ọjọ́ sì ṣe ń gorí ọjọ́ ni àforíjì náà ń gùn sí i.

Ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn òótọ́ ni, ọkùnrin kan wà nínú àwọn mẹ́ta náà tó ti fi gbogbo ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni èyí ṣe kan ohun tí a fẹ́ gbọ́? Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá obìnrin yìí ṣì fẹ́. Dídárúkọ ẹlòmíràn kò ní jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló máa dá sí i lára, ẹni tó bá sì ti inú ẹ̀rù sọ pé òun fẹ́, ìyẹn ló máa ń yí padà lẹ́yìn tí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ ti jáde, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ.

Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé ó so ìdáhùn mọ́ ìwé. Kò sí àyè fún ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ náà tí kò sì tíì lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Bí a bá sì rántí pé fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ni a fura pé ó pa á lẹ́nu mọ́, a jẹ́ pé òkúta tó dínà la tún yí mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Àwa méjèèjì jókòó, a tún un kọ. Èyí ni a fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹta, lẹ́yìn agogo méje alẹ́:

"Ẹ káalẹ́ mà. Èmi ni a jọ sọ̀rọ̀ lórí Zoom ní 20 oṣù tó kọjá, láti Ìbàdàn. Ẹ kú iṣẹ́ ìparí oṣù o, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín á ti dí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé ẹ ṣì fẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ? Nọ́ńbà nìkan ti tó fún èsì:

1. Mo ṣì fẹ́.
2. Mo fẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ ká sọ ná.
3. Rárá, mo ti fi í sílẹ̀.

Èyí tó bá jẹ́, ó dára, ẹ kò ní láti ṣàlàyé. Àwọn ìwé tí a béèrè lọ́jọ́sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ná. Ìdáhùn yín kò dúró dè wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 14, ni Alhaji fẹ́ rí àwọn èèyàn. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, 11, n ó gbà pé àsìkò kò bọ́ sí i, n ó sì yọ orúkọ yín nínú ti ọ̀tẹ̀ yìí. Kò ba nǹkan kan jẹ́ láàárín wa, bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tún yọ, n ó tún sọ fún yín. Ẹ kú àsìkò mà."

Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ "iṣẹ́ tuntun" kò sí ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ kò sì sí níbì kankan. Ìdí ni pé ìlà àkọ́kọ́ lórí Wasáàpù máa ń yọ lójú fóònù tó wà lórí tábìlì, bí fóònù bá tilẹ̀ wà ní títì. Ẹni tó jókòó tì í níbi iṣẹ́ lè kà á. Ìkíni, Zoom àti ìparí oṣù nìkan ló yẹ kó hàn níbẹ̀, ohun tí ojúgbà rẹ̀ kankan kò ní fura sí. Ìdí kan náà ni a kò fi kọ ọ́ lọ́sàn-án, tí a kò sì fi fi ránṣẹ́ sí ímeèlì tó fi ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdírẹ́sì náà wà nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún ní ká pe ọ̀kan nínú àwọn tí obìnrin náà kọ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n mọ òun, ká fi ọgbọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Kò tíì fún wa láṣẹ láti bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ìsinsìnyí, bí a bá sì dá wàhálà sílẹ̀ fún un l'Ékòó, kò sí ohun tí a lè fi tún un ṣe.

Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ìyókù lọ. Níbi tí a ti tọ́ wa dàgbà, kì í rọrùn láti wo ojú ẹni tó ṣe ọ́ lóore kí o sọ pé "n kò fẹ́". Wọ́n á ní "màá pè yín padà", tàbí kí wọ́n kàn dákẹ́, lójú tiwọn ìyẹn ni ìwà ọmọlúàbí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń retí "rárá" gbọ́dọ̀ kọ "rárá" náà sílẹ̀ fún onítọ̀hún, kó má baà jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ jáde. Ìkejì ló ṣòro láti kọ. Bí a bá kọ "mo nílò àkókò díẹ̀ sí i" nìkan, gbogbo èèyàn ló máa mú un, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. A kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ náà tó ní ẹ̀dùn ọkàn kan, kí ó lè sọ pé ìṣòro wà láì sọ ìṣòro náà sórí Wasáàpù.

Ọjọ́ tí a dá náà kì í ṣe ìhalẹ̀. Ọjọ́ 14 ti wà tẹ́lẹ̀, Alhaji ló mú un, ó ní àárọ̀ kùtùkùtù ni torí pé ààwẹ̀ Ràmàdánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11, òun kò sì fẹ́ máa bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gígùn lọ́sàn-án. Ọjọ́ tó bá wà bóyá onítọ̀hún fèsì tàbí kò fèsì, ìròyìn ni. Èyí tí a bá dá sílẹ̀ láti fi ṣẹ́rù bà á, yóò mọ̀, pàápàá bí agogo márùn-ún bá lù tí a tún kọ̀wé sí i láago mẹ́fà. Ohun tí a sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a máa ṣe lóòótọ́.

Mo pe Alhaji lálẹ́ ọjọ́ tí a fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀ bóyá obìnrin náà ṣì fẹ́, pé n ó mọ̀ kí ọjọ́ 11 tó kọjá, àti pé ọkùnrin tó ti ṣe tán yóò wá lọ́jọ́ 14 bó ti wù kó rí. Mo sọ fún ọkùnrin yẹn náà pé ọjọ́ náà ti dúró, pé àwọn mìíràn lè wá. Ẹni tó bá ń dúró de ẹnìkan tó dákẹ́ sábà máa ń gbàgbé àwọn tí kò dákẹ́, òun náà á wá dákẹ́ fún wọn.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, 7, èsì dé: "2 mà. Ẹ má bínú. Ṣé mo lè pè yín ní Sátidé tí mo bá ti wà ní Ìbàdàn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kò sí bínú ńbẹ̀. Mi ò béèrè ohunkóhun mọ́.

Ohun tó sọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, apá kan rẹ̀ ni a ti fura sí, apá kan rẹ̀ kò wá sí wa lọ́kàn rárá. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè ṣe onídùúró fún un nínú irú àwọn tí fọ́ọ̀mù náà ń béèrè, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, kò sì fẹ́ lọ bá a títí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ yóò fi wà lọ́wọ́ òun. Ìyẹn la mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé owó oṣù ló jẹ́ ìdè gidi. Ó ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀ láti fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, oṣooṣù ni wọ́n sì ń yọ ọ́. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦280,000 lórí ìwé, ṣùgbọ́n ₦170,000 ló ń kù bí wọ́n bá ti yọ owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti ti alájẹṣẹ́kù. Ó rò pé bí Alhaji bá rí ₦170,000 nísàlẹ̀ ìwé, ₦220,000 ló máa fi lọ òun, tí yóò sì rò pé oore ni ìyẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ohun tó kù nínú gbèsè alájẹṣẹ́kù ni wọ́n máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun kọ ímeèlì sí wa, òun pa á rẹ́, òun tún un kọ, òun tún pa á rẹ́. Kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dà bí ẹni tó ń ṣagbe.

Ẹ wo bí ìbéèrè "ṣé ẹ ṣì nífẹ̀ẹ́ sí i?" ì bá ti kéré tó níwájú gbogbo èyí. Ó nífẹ̀ẹ́ sí i. Ó nífẹ̀ẹ́ sí i látìbẹ̀rẹ̀.

Mo lọ bá Alhaji lórí ọ̀rọ̀ méjì, mi ò sọ ti gbèsè fún un, torí kò kàn án. Mo ní nígbà tó ti mọ iye tó fẹ́ san fún ipò náà, kí ni ìwé owó oṣù ibòmíràn fẹ́ sọ fún un? Ó ronú díẹ̀, ó ní ká fi ìyẹn sílẹ̀. Lórí onídùúró, ó yarí. Oníṣirò owó tó ní tẹ́lẹ̀ ti kó owó oníbàárà lọ, kò sì rí ẹni tó lè bi. Mo ní mi ò sọ pé kó fagi lé e, kó kàn sún un síwájú ni: kí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ jáde pẹ̀lú àdéhùn pé kò sí ẹni tó máa wọlé sẹ́nu iṣẹ́ títí fọ́ọ̀mù méjèèjì yóò fi pé. Bẹ́ẹ̀ ni ààbò rẹ̀ wà síbẹ̀, ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò sì ní tú àṣírí ara rẹ̀ fún ohun tí kò tíì dájú. Ó gbà.

Àwọn méjèèjì wá lọ́jọ́ 14. Alhaji fẹ́ràn obìnrin náà, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn lè bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù kẹrin, obìnrin náà sì gbọ́dọ̀ fún ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kan gbáko gẹ́gẹ́ bí àdéhùn rẹ̀, ó sì fẹ́ àkókò díẹ̀ sí i láti bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣètò. Ọkùnrin ni Alhaji mú. Ní ọjọ́ tó sọ fún mi náà ni mo pe obìnrin náà, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un gan-an. Ó dùn ún, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Ó dúpẹ́ pé òun kò ní láti máa méfò. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, a sì ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé oṣù méjì ló nílò kó tó lè kúrò níbi tó wà. Ìbéèrè yẹn ti wá di ara ohun tí a ń béèrè nígbà ìpè àkọ́kọ́, bákan náà ni fọ́ọ̀mù onídùúró ti kúrò nínú ímeèlì tó ń tẹ̀lé Zoom.

Ẹnìkẹta tó wà nínú orúkọ náà ńkọ́? Òun náà dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni a kọ sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta náà, ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Àmì rẹ̀ di búlúù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọjọ́ 11 dé, kò sọ nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ 12, a fi ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí i: "Ẹ káàárọ̀ sà, mo ti yọ orúkọ yín nínú ti ọ̀tẹ̀ yìí bí mo ṣe sọ, a ó sì pa àwọn ìwé yín rẹ́ lọ́dọ̀ wa; ẹ ṣeun fún àkókò yín." Kò fèsì sí ìyẹn náà. A pa àwọn ìwé rẹ̀ rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a kò sì kọ̀wé sí i mọ́.